Ọ̀fọ̀, ìgbéga àti àyájọ́ ilé-iṣẹ́: ọ̀nà wo, ọ̀rọ̀ wo, ọjọ́ wo?

Ìkíni mẹ́ta ló sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣòwò: ìkíni ẹni tó ṣọ̀fọ̀, ìkíni ẹni tí wọ́n gbé ga lẹ́nu iṣẹ́, àti ìkíni ilé-iṣẹ́ tó pé ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ní ìwé àwòkọ kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ ni wọ́n ń pààrọ̀, àti ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ìwé sì ti ṣe tán. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí ohun tí ẹni tó máa gba ìwé ń fẹ́ yàtọ̀. Ọlọ́fọ̀ kò fẹ́ ohunkóhun tó máa béèrè èsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé ga ń fẹ́ kí ẹ mọ ipò tuntun náà bó ṣe ń jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àyájọ́ ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí ìwé náà máa lọ bá.

| | Ọ̀fọ̀ | Ìgbéga | Àyájọ́ |
|---|---|---|---|
| Ìgbà tó yẹ kó dé | Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ gbọ́ | Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n kéde | Ọjọ́ náà gan-an, tàbí ọjọ́ kan ṣáájú |
| Gígùn | Gbólóhùn 3 sí 7 | Gbólóhùn 2 sí 4 | Gbólóhùn 5 sí 8 |
| Ọ̀nà tó dára jù | Lẹ́tà àfọwọ́kọ tàbí ímeèlì tuntun | Ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ | Lẹ́tà lórí ìwé ilé-iṣẹ́ |
| Ẹni tó máa fọwọ́ sí i | Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù | Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù | Olórí sí olórí |
| Ohun tó ń bà á jẹ́ | Ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ | Ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀bùn | Iye ọdún tí kò tọ̀nà |

Ọ̀fọ̀ la máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí òun ni àṣìṣe inú rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ẹni tí ẹ ṣi ipò tuntun rẹ̀ kọ lè rẹ́rìn-ín sí i lọ́la. Ẹni tí ẹ fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ ìsìnkú kò ní rẹ́rìn-ín.

Ọ̀fọ̀: lẹ́tà, ímeèlì, àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìpè?

Lẹ́tà tí ẹ fi ọwọ́ kọ ló wúwo jù, tí ẹ bá ti mọ ẹni náà fún ọdún díẹ̀ tàbí tí ẹ ti jọ jókòó sí ìpàdé lójúkojú. Ọlọ́fọ̀ lè gbé e sílẹ̀, kó kà á lọ́jọ́ tó bá wù ú, kó sì tún un kà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ lọ́nà. Bí ẹ bá mọ̀ pé yóò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kó tó dé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ṣíwájú rẹ̀, kí lẹ́tà wá máa tẹ̀ lé e. Orí káàdì tó mọ́, tí kò ní àmì ìpolówó lára, ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ìwé ilé-iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀ kò bá a mu.

Ímeèlì ló bá ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣòwò mu, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin wà tí ẹ ní láti yẹ̀ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Èkíní, ẹ má fèsì sórí ìwé àtijọ́. Bí ẹ bá tẹ èsì sórí ìjíròrò tó ti wà nílẹ̀, àkọlé tó máa rí ni `Re:` àti ọ̀rọ̀ owó tó kù, ìbánikẹ́dùn yín á sì wà lókè iye owó tó jẹ. Ẹ ṣí ìwé tuntun, kí ẹ sì kọ «Ẹ kú ìrọ́jú» síbi àkọlé. Èkejì, ẹ yọ àfọwọ́sí aládàáṣiṣẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé ìwé yín, èyí tó ní àwòrán ọjà tuntun tàbí ẹ̀dínwó oṣù yìí. Orúkọ yín àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ti tó. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi ẹnikẹ́ni sí `CC`. Tí ọ̀gá yín bá rí i pé ẹ ń kẹ́dùn, ọlọ́fọ̀ náà rí i pé ọ̀gá yín ń wò yín. Ẹ̀kẹrin, ẹ pa ètò tó ń béèrè bóyá wọ́n ti ka ìwé yín. Kò yẹ kí ọlọ́fọ̀ ṣí ìbánikẹ́dùn, kí ẹ̀rọ máa bi í bóyá kó sọ fún yín pé òun ti kà á.

Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tàbí Wáàsáàpù dára tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti máa ń bá ara yín sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tí kò mọ̀ lẹ jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́: ó ní láti wá ibi tó dákẹ́ kó tó lè gbọ́ ọ, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí á fi tẹ̀ ẹ́. Èyí tó burú jù ni ẹgbẹ́ orí Wáàsáàpù tí ẹ̀yin àti òun jọ wà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin méjì péré lẹ mọ̀ níbẹ̀, ẹ ti wá di olùkéde òkú olókùú.

Ìpè ni kí ẹ yẹra fún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àfi tí ẹni náà bá sún mọ́ yín kọjá òwò. Ìpè gbọ́dọ̀ ní èsì lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ti ń pè é láti àárọ̀ sì ti pọ̀. Tí ẹ bá pè tí kò gbé e, ẹ má tún un pè. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀.

Ìkíni wo ló bá òkú wo mu?

Ibí yìí ni Yorùbá ti ní ìkíni tó yàtọ̀ síra, tí a sì ń ṣì wọ́n lò. «Ẹ kú ìrọ́jú» bá gbogbo òkú mu. Ìfaradà ló ń sọ, kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ orí ẹni tó kú. Tí ẹ kò bá mọ ẹni tó kú tàbí bó ṣe dàgbà tó, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì lọ wádìí.

«Ẹ kú àṣẹ̀yìndè» yàtọ̀. Ẹni tí òbí tàbí àgbàlagbà rẹ̀ lọ, tí àwọn ọmọ sì kù lẹ́yìn láti ṣe ohun tó yẹ, la ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe lò ó fún ẹni tí ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ kú ní kékeré. Ohun tó máa gbọ́ ni pé ikú náà dùn mọ́ yín, tàbí pé ẹ kò tilẹ̀ béèrè kí ẹ tó kọ̀wé. Fún irú òkú bẹ́ẹ̀, «Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra» ti tó. Ẹ má fi «ó dàgbà, ó dogbó» kún un fún òkú àgbà pẹ̀lú. Àwọn ọmọ òkú lè sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Tí ará ìta bá fi ṣe ìtùnú, ńṣe ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sunkún mọ́.

Ti àdúrà ń kọ́? Ibi tí òkú ń lọ ni ẹ̀sìn ti ń ya ọ̀nà. Tí ẹ kò bá mọ ẹ̀sìn ẹni náà, ẹ má gbàdúrà fún òkú, ẹ gbàdúrà fún alààyè: «Ọlọ́run á tù yín nínú» kò ní ṣe ẹlẹ́sìn kankan ní ọṣẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹni náà kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, ẹ fi í sílẹ̀, ìwé náà kò ní kúrú jù.

Ẹ wo ìwé méjì tí a kọ sí ọ̀gá ẹ̀ka kan tí bàbá rẹ̀ kú. Èyí àkọ́kọ́ rèé:

> Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa fi gbọ́ nípa ikú bàbá yín. A mọ bó ṣe ń rí lára. Kí ló ṣe wọ́n? Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ má lọ́ tìkọ̀ láti pè wá. A ń retí pé a óò máa bá iṣẹ́ wa lọ ní kété tí ara yín bá ti balẹ̀.

Èyí kejì rèé:

> Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Àná ni mo gbọ́ pé bàbá yín ti lọ. Mo rántí pé ẹ máa ń sọ pé àwọn ló kọ́ yín láti ka ìwé àdéhùn láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti sọ ọ́. Iṣẹ́ tó wà láàárín wa, èmi àti igbákejì yín ti ń bójú tó o. Ẹ má wulẹ̀ fèsì ìwé yìí. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Gbogbo òṣìṣẹ́ kò gbọ́, ẹni tó gba ìwé náà sì mọ̀. «A mọ bó ṣe ń rí lára» kì í ṣe òótọ́, ẹni tí òbí tirẹ̀ náà ti kú pàápàá kò mọ ti ẹlòmíràn. Ìbéèrè nípa ohun tó ṣe òkú ń béèrè ìtàn tí ọlọ́fọ̀ ti sọ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. «Bí ẹ bá nílò ohunkóhun» dára létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbé fún un: òun ló máa ronú ohun tó nílò, òun náà ló máa wá béèrè. Gbólóhùn ìparí sì jẹ́ ká mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ìwé náà.

Ìwé kejì ní ọ̀rọ̀ kan tí kò lè bọ́ sínú ìwé ẹlòmíràn, ìyẹn ohun tí bàbá kọ́ ọmọ. Tí ẹ kò bá mọ òkú, ẹ lè sọ ohun kan nípa ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ìkankan, ẹ má ṣe hùmọ̀ ọ̀kan, ẹ kàn kọ gbólóhùn mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ wọ inú ìwé kejì náà. Gbólóhùn iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àyè wà fún ni èyí tó gbé ẹrù kan kúrò lórí ọlọ́fọ̀, tí ẹ sì ti ṣe ohun tó sọ kí ẹ tó kọ ọ́. Ìgbà wo lẹ máa sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tí owó yóò wọlé? Ìwé mìíràn, sí ẹlòmíràn.

Bí ó bá ti pẹ́ kí ẹ tó gbọ́, bóyá oṣù méjì, ẹ ṣì kọ ọ́. Gbólóhùn kan, «Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́», ló máa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ onílà mẹ́ta máa ń mú kí ọlọ́fọ̀ di ẹni tó ń tu yín nínú.

Tó bá jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò gan-an ló kú, ìwé méjì ni: ọ̀kan sí olórí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ olórí tiyín, ọ̀kan sí ẹbí, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bá a ṣiṣẹ́. Èyí tó lọ sí ẹbí kò gbọdọ̀ ní orúkọ iṣẹ́ tàbí ipò púpọ̀ nínú. Bí ó ṣe máa ń ṣe sí ènìyàn ni wọ́n fẹ́ kà.

Ìgbéga: kúkúrú, kíá, láìsí ẹ̀bẹ̀

Níbí, yíyára ju gígùn lọ, ṣùgbọ́n ẹ má yára ju ìkéde lọ. Bí akọ̀wé kan bá ta yín lólobó pé wọ́n máa gbé ẹnì kan ga lọ́jọ́ Ajé, ẹ dúró títí wọ́n á fi kéde rẹ̀. Ìgbéga tí kò tíì jáde lè yí padà, ìwé yín á sì tú akọ̀wé náà fó.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yẹ orúkọ ipò wò nínú ìkéde fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú ohun tí ẹnì kan sọ. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: adelé. Ẹni tí wọ́n fi ṣe adelé ọ̀gá kò tíì di ọ̀gá, tí ẹ bá sì kí i bí ọ̀gá, ẹ ti sọ ohun tí àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò tíì sọ. Ẹ kí i fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ó tán. Bákan náà, wọ́n lè gbé ènìyàn kúrò ní ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn láìgbé e ga. Tí àkọlé ipò kò bá yí padà, «ẹ kú iṣẹ́ tuntun» ló bá a mu ju «ẹ kú oríire ìgbéga» lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí wé ara wọn. «Ó ti pẹ́ tó yẹ yín» dà bí ìyìn, ṣùgbọ́n ó ń bú àwọn tí kò tètè gbé e ga, àwọn náà sì lè rí ìwé yìí. «Ẹ má gbàgbé wa o» ti sọ ìkíni di ẹ̀bẹ̀. «Ẹ kú oríire ipò olórí ẹ̀ka ìrajà. Bí ẹ ṣe tò ìwé ọjà tó dé pẹ́ lọ́dún tó kọjá jẹ́ kí n mọ̀ pé ó tọ́ sí yín. Orí á bá yín ṣe é» kò tọrọ nǹkan kan, ó sì tọ́ka sí ohun tí ẹ fojú rí. Ìkẹta ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má sì dárúkọ ẹni tó kúrò ní ipò náà, ì báà jẹ́ fún rere. Ẹ kò mọ bó ṣe kúrò.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ga nínú ẹ̀ka ìrajà ló máa pinnu ẹni tí wọ́n máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìwé ìdíje iṣẹ́ yín bá wà lórí tábìlì rẹ̀, ẹ̀bùn kankan ti di àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lójú ẹni tó bá ń ṣàyẹ̀wò, bó ti wù kó kéré tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò ní orúkọ burúkú kankan.

Àyájọ́: ẹ kọ́kọ́ ka ọdún

Ìkíni yìí rọrùn, àyàfi ìṣirò. Ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 pé ogún ọdún ní 2025, lọ́jọ́ yẹn náà ló sì wọ ọdún kọkànlélógún. Ẹni tó bá kọ «ọdún kọkànlélógún» àti ẹni tó kọ «ogún ọdún» lè jẹ́ olóòótọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ náà kọ sára ògiri rẹ̀. Iye tí àwọn fúnra wọn ń kéde ni kí ẹ lò, pàápàá tí ilé-iṣẹ́ méjì bá ti para pọ̀ di ọ̀kan, tàbí tí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bá yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ẹ lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tiyín, kí ẹ wo ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ bá wọn ṣòwò, kí ẹ sì fi ohun kan láti ibẹ̀ sínú lẹ́tà. Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ka iye gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «a» tàbí «àwa», kí ẹ sì ka èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «ẹ» tàbí «ẹ̀yin». Tí ti àkọ́kọ́ bá pọ̀ jù, ara yín lẹ ń kí. Kò sì pọn dandan kí ẹ kọ lẹ́tà lọ́dọọdún. Lẹ́tà wà fún ọdún mẹ́wàá, ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àádọ́ta. Ìlà méjì nínú ímeèlì tó fún ọdún keje. Ẹ má sì lo «ẹ kú ọdún», ti ayẹyẹ ọdún nìyẹn. «Ẹ kú oríire ogún ọdún» ni.

Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kóra jọ

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀sẹ̀ kan tó díjú. Ilé-iṣẹ́ kan pé ogún ọdún lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù kẹta, 2025. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4, wọ́n kéde pé obìnrin tí ẹ máa ń bá ṣòwò níbẹ̀ ti di olórí ẹ̀ka ìrajà. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 6, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú. Ẹ ò tíì kí i fún ìgbéga, lẹ́tà àyájọ́ ti wà nínú àpò ìwé, ètò orí kọ̀ǹpútà yín sì máa fi ìránnilétí gbèsè ránṣẹ́ sí i ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìránnilétí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ yí i sórí igbákejì rẹ̀, kí ẹ sì yọ orúkọ obìnrin náà kúrò lára àwọn tó ń gba ìpolówó yín títí oṣù náà á fi parí. Ìbánikẹ́dùn tó dé lọ́jọ́ Ẹtì kò ní ìwúlò mọ́ tí ìwé gbèsè bá tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7, ẹ fi ímeèlì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Àbúrò ló kú, nítorí náà «ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra» ni, àṣẹ̀yìndè kò sí níbẹ̀. Ìgbéga kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, kódà ní gbólóhùn kan ní ìparí. Ẹni tó bá gbọ́ ìbànújẹ́ àti oríire lẹ́ẹ̀kan náà kò mọ èyí tó máa dáhùn, oríire náà sì máa ń dà bí ohun tí ẹ fi tàn án. Ẹ kọ orúkọ ipò àtijọ́ tàbí kí ẹ má kọ ipò rárá síbi orúkọ rẹ̀.

Lẹ́tà àyájọ́ ṣì máa lọ, nítorí ilé-iṣẹ́ ló ń lọ bá, olórí pátápátá ló sì máa gbà á. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ akọ̀wé wọn bóyá wọ́n sún ayẹyẹ síwájú. Tí wọ́n bá sún un, ẹ dá lẹ́tà dúró di ọjọ́ tuntun náà. Ẹ tú àpò ìwé, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ obìnrin náà wà nínú rẹ̀, nítorí a sábà máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Tí ó bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tàbí ìyìn ipò tuntun, ẹ tún un tẹ̀ láìsí ìyẹn.

Nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwé àkọ́kọ́ yín lórí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìlà kan lókè: «Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú àbọ̀.» Ẹ má ṣe bi í bí ara ṣe rí, kó má baà di pé ó ní láti ṣàlàyé. Ìkíni ìgbéga ṣì ní láti dúró fún ìgbà tó bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú orúkọ ipò tuntun. Ìgbà yẹn, nísàlẹ̀ ìwé iṣẹ́ kan, kì í ṣe nínú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ lè kọ ọ́: «Ó ti wà lọ́kàn mi láti kí yín fún ipò tuntun yìí. Orí á bá yín ṣe é.»